Oyè Tí Ọmọ Kò Jẹ: Bí Àwọn Gúrù Mẹ́wàá Ṣe Kọ́ Ìjọ Síìkì

Ní ọdún 1539, ní ìletò kan tí wọ́n ń pè ní Kàtárípúrì, lẹ́bàá odò Ráfì ní ilẹ̀ Púńjábù, àgbàlagbà kan tó ti pé ẹni àádọ́rin ọdún ṣe ohun tó bí àwọn ọmọ rẹ̀ nínú. Nánákì ni orúkọ rẹ̀. Ọmọkùnrin méjì ló bí, àwọn méjèèjì sì ti dàgbà tó ẹni tó lè dúró sípò bàbá. Ṣùgbọ́n nígbà tó rí i pé ilẹ̀ ń ṣú, kò pe ìkankan nínú wọn. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Léhénà, ni ó pè. Ó yí orúkọ rẹ̀ padà sí Ángádì, ó sì tẹrí ba fún un lójú gbogbo èèyàn. Bí Ángádì ṣe di Gúrù kejì nìyẹn.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ìjọ Síìkì ṣe gbéra sọ, kó máa fojú sí àwọn ọmọ tí oyè bàbá wọn fò dá. Láti ìgbà Nánákì títí di ọdún 1708 tí Gúrù kẹwàá papò dà, ìgbà bíi mélòó kan ni ọmọ Gúrù kan bínú, tó di ilé bàbá rẹ̀ mú, tàbí ìwé rẹ̀, tàbí àpò owó ìjọ. Gúrù tuntun a sì wá nǹkan mìíràn dá sílẹ̀ láti dí àlàfo náà. Ìlú ni o, lẹ́tà ìkọ̀wé ni o, ìwé mímọ́ ni o, nínú ìjà bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn ti jáde. Àwọn olùfọkànsìn a máa sọ ọ́ bí ẹni pé Gúrù kìíní ti ya àwòrán ilé náà tán, tí àwọn tó kù kàn ń mọ ọ́n. Lójú tèmi, àìgbọ́ra-ẹni-yé inú ilé ló ń sọ ibi tí wọn yóò mọ ògiri sí.

Ọdún 1469 ni wọ́n bí Nánákì ní Talawándì, ìlú tó wà ní Pakisitánì lónìí, tí wọ́n ń pè ní Nankánà Sáhíbù nítorí rẹ̀. Híńdù ni àwọn òbí rẹ̀, bàbá rẹ̀ sì jẹ́ akọ̀wé ìṣirò. Òun náà ṣiṣẹ́ ní ìlú Súlítánpúrì, níbi tó ti ń bójú tó àká oúnjẹ gómìnà kan tó jẹ́ Mùsùlùmí. Ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ó rin ìrìn àjò ọ̀pọ̀ ọdún pẹ̀lú Mádánà, Mùsùlùmí tó máa ń ta gòjé fún un bó bá ń kọrin, kó tó wá tẹ̀dó sí Kàtárípúrì láti máa dáko. Ọlọ́run kan ṣoṣo tí kò ní àwòrán ló ń wàásù, ó sì ń sọ pé ìran tí wọ́n bí èèyàn sí kò gbé e ga lójú Rẹ̀, kò sì rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.

Àwọn tó wá bá a níbẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Síìkì, ìyẹn ọmọ ẹ̀kọ́. Wọ́n á jí kọrin ní ìdájí, wọ́n á lọ sóko, wọ́n á padà kọrin nírọ̀lẹ́, wọ́n á sì jọ jókòó jẹun láti inú ìkòkò kan náà. Kò sí ẹni tó fi ilé sílẹ̀ lọ gbé inú igbó. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ àkọ́bí rẹ̀ ti wọ́. Sírì Ṣáńdì fẹ́ràn ìgbé ayé àwọn tó ta ayé nù, tí wọn kì í gbéyàwó, bẹ́ẹ̀ bàbá rẹ̀ ń kọ́ni pé inú ọjà, inú oko àti inú ilé ni èèyàn ti ń sin Ọlọ́run. Ìtàn kan wà tí àwọn Síìkì máa ń sọ. Nánákì di koríko tútù nínú oko, ẹrẹ̀ sì ń ro lára rẹ̀. Ó ní kí àwọn ọmọ rẹ̀ gbé e, wọ́n kọ̀. Léhénà, tó wọ aṣọ olówó iyebíye wá láti kí i, gbé e lérí, ẹrẹ̀ sì ṣàn bo aṣọ náà títí ó fi délé. Bóyá ó ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ tàbí kò ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀, ohun tí ìjọ náà ń wò lára ẹni tí yóò jẹ Gúrù hàn nínú rẹ̀.

Àwọn ọmọ Nánákì kò kúrò ní Kàtárípúrì. Ángádì ló kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Kádúrì, níbi tí ìyàwó àti àwọn ọmọ tirẹ̀ ń gbé. Ìjọ tí kò tíì pẹ́ láyé wá dojú kọ ìbéèrè kan: bí Gúrù bá ti fi ilé Nánákì sílẹ̀, kí ló kù lọ́wọ́ rẹ̀ tó jẹ́ ti Nánákì? Orin ni. Àwọn orin yìí kò sì gbọ́dọ̀ yí padà. Lẹ́tà tí àwọn oníṣòwò Púńjábù fi ń kọ ìwé gbèsè nígbà yẹn kì í sábà ní àmì fáwẹ̀lì. Ó tó fún ẹni tó kọ ọ́, torí ó ti mọ ohun tó ní lọ́kàn. Ẹnikẹ́ni nínú wa tó ti gba àtẹ̀jíṣẹ́ Yorùbá tí kò ní àmì ohùn, tó ń rò ó bóyá igbá ni tàbí ìgbà tàbí igba, yóò mọ wàhálà tó wà níbẹ̀. Ángádì ló ṣètò lẹ́tà tí wọ́n ń pè ní Gúrúmúkì, tó ń kọ gbogbo fáwẹ̀lì sílẹ̀, kí orin Nánákì lè jáde lẹ́nu ẹni tí kò tíì gbọ́ ọ rí bó ṣe jáde lẹ́nu ẹni tó dá a. Lẹ́tà náà ni wọ́n ṣì fi ń kọ èdè Púńjábù ní Íńdíà di òní.

Ìyàwó Ángádì, Kífì, ló gba ìdí ìkòkò. Ilé ìdáná ọ̀fẹ́ tí gbogbo èèyàn ti ń jẹun, tí wọ́n ń pè ní láńgárì, wà láti ìgbà Nánákì, àmọ́ ọwọ́ obìnrin yìí ló ti di ohun tí òkìkí rẹ̀ kàn. Kódà àwọn akọrin méjì dárúkọ rẹ̀ nínú ìwé mímọ́ fúnra rẹ̀, wọ́n sì yin ìrẹsì tó ń fi wàrà sè, tí òróró bọ́tà ń dán lórí rẹ̀.

Nígbà tí Ángádì ń kú lọ ní 1552, òun náà ní ọmọkùnrin, òun náà sì fò wọ́n dá. Bàbá arúgbó kan tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, Ámárì Dáàsì, ni ó yàn. Wọ́n ní ojoojúmọ́ ló máa ń pọn omi láti odò wá fún Ángádì kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìtàn náà sọ síwájú pé Dátù, ọmọ Ángádì, tapá sí i lórí ìjókòó rẹ̀ pé ìránṣẹ́ ilé àwọn kò lè jọba lé àwọn lórí. Bàbá náà ní kó má bínú, pé egungun àgbà le, àfàìmọ̀ kó má ti dun ún lẹ́sẹ̀. Ló bá dìde ní tirẹ̀, ó kúrò fún wọn. Goíńdúwálì, lẹ́bàá odò Bíásì, ló wá di ibùjókòó tuntun.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti gbòòrò. Ìjọ ti kúrò ní iye tí ojú Gúrù kan lè ká, torí àwọn Síìkì ti wà káàkiri nínú àwọn ìlú Púńjábù, àwọn oníṣòwò àárín wọn sì ń gbé ẹ̀sìn náà lọ síbi tí ọjà bá gbé wọn dé. Ámárì Dáàsì pín wọn sí agbègbè 22, ó sì fi olórí kan sí ìkọ̀ọ̀kan. Máńjì ni wọ́n ń pe agbègbè náà, nítorí bẹ́ẹ̀dì onífọ́nrán tí olórí máa ń jókòó lé bó bá ń kọ́ni. Ó gbẹ́ kànga ńlá kan tí àtẹ̀gùn 84 sọ̀ kalẹ̀ sínú rẹ̀, kí àwọn Síìkì lè ní ibi tiwọn láti wẹ̀. Ó sì ní kí wọ́n máa péjọ sọ́dọ̀ òun ní ọjọ́ ọdún Bàísákì àti Díwálì, tó jẹ́ ọjọ́ tí àwọn Híńdù ti ń ṣọdún tẹ́lẹ̀. Ọgbọ́n wà nínú èyí. Ẹni tó bá ti wà lọ́dọ̀ Gúrù lọ́jọ́ náà kò lè wà lójúbọ mìíràn.

Òfin ilé rẹ̀ kan le: kò sẹ́ni tí yóò rí Gúrù láìjẹ́ pé ó ti kọ́kọ́ jókòó sí ìlà lórí ilẹ̀, kó jẹ nínú láńgárì. Ní Íńdíà ayé ìgbà náà, níbi tí ẹlòmíràn kò jẹ́ gba omi lọ́wọ́ ẹni tí ìran rẹ̀ kéré sí tirẹ̀, òfin yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ oúnjẹ lásán. Bó o bá jókòó, o ti jẹun pẹ̀lú ẹni tí bàbá rẹ ní o kò gbọ́dọ̀ bá jẹun. O kò lè lọ sílé lọ sẹ́ ẹ. Àwọn Síìkì sọ pé Ákíbárì, ọba àwọn Mọ́gúlù, jókòó lórílẹ̀ jẹ nínú rẹ̀ kí wọ́n tó mú un wọlé.

Gúrù kẹrin, Rámù Dáàsì, jẹ́ ọkọ ọmọ Ámárì Dáàsì. Wọ́n ní ẹ̀wà sísè ló ń tà nígbà èwe. Níwọ̀n bí àwọn ọmọ bàbá ìyàwó rẹ̀ ti wà ní Goíńdúwálì, òun náà lọ dá ìlú tirẹ̀ sílẹ̀. Ó gbẹ́ adágún omi, ó pe àwọn oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́ wá tẹ̀dó yí i ká, ìlú náà sì di Ámírítísárì tí gbogbo ayé mọ̀ lónìí. Iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ owó. Láti ìgbà tirẹ̀ sí ìgbà ọmọ rẹ̀ ni àwọn aṣojú tí wọ́n ń pè ní másáńdì ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ìlú dé ìlú, tí wọ́n ń gba ọrẹ, tí wọ́n sì ń mú un wá fún Gúrù ní ọdọọdún. Tó bá yá, ó di pé kí Síìkì kọ̀ọ̀kan máa yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá ohun tó bá wọlé fún un. Ẹ jẹ́ ká fi àwọn másáńdì yìí sọ́kàn, nítorí ọ̀rọ̀ wọn ṣì ń bọ̀.

Láti ọwọ́ Rámù Dáàsì ni oyè ti dúró sínú ìdílé kan ṣoṣo. Ẹni tó bá rò pé ìjà yóò tán pẹ̀lú ìyẹn kò mọ ilé olórogún. Ọmọ mẹ́ta ló ní, Ájánì tó jẹ́ àbíkẹ́yìn ni ó sì fi oyè lé lọ́wọ́ ní 1581. Àkọ́bí, Pírítì Ṣáńdì, ló ti ń bójú tó owó, ó mọ àwọn másáńdì, ó sì ní ọ̀rẹ́ láàárín àwọn ìjòyè Mọ́gúlù. Ó dá owó dúró lọ́nà títí ìkòkò láńgárì fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, kí Báì Gúrúdáàsì, ìbátan Gúrù, tó padà dé láti ìrìn àjò, tó sì bá àwọn àgbà mìíràn tún ètò náà tò.

Ohun tó tún le ju owó lọ ni orin. Gbogbo Gúrù ló máa ń fi orúkọ Nánákì parí orin tó bá dá, torí wọ́n gbà pé ìmọ́lẹ̀ kan náà ló ń ti ara ẹnì kan bọ́ sí ara ẹnì kejì. Ṣùgbọ́n bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni yóò ká Pírítì Ṣáńdì àti ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ kò kí wọ́n má dá orin tiwọn, kí wọ́n fi Nánákì parí ẹ̀? Wọ́n sì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àtijọ́ kọ́ ni a ti ń rí ayédèrú. Àmọ́ ayédèrú tó ń jáde láti ilé Gúrù fúnra rẹ̀ nira láti mọ̀.

Ájánì wá jókòó sínú Ámírítísárì, ó ń sọ, Báì Gúrúdáàsì ń kọ. Ó rán èèyàn lọ wá àwọn ìwé orin tí wọ́n ti kọ láyé Ámárì Dáàsì, tó wà lọ́wọ́ Móhánì, ọmọ Ámárì Dáàsì tí oyè fò dá; wọ́n ní òun fúnra rẹ̀ ló lọ kọrin lábẹ́ fèrèsé onítọ̀hún kó tó yọ̀ǹda wọn. Ní 1604 ni ìwé náà parí, tí wọ́n ń pè ní Ádì Gírántì. Ẹ wo bó ṣe tò ó. Ohùn orin ló fi pín in. Lábẹ́ ohùn kọ̀ọ̀kan, ó fi nọ́ńbà sí orí orin láti sọ Nánákì tó ni ín: ti kìíní ni tàbí ti kẹta tàbí ti karùn-ún. Ní ìparí ẹsẹ, ó kọ iye ẹsẹ. Ní ìparí orin, iye orin. Lẹ́yìn náà àròpọ̀ gbogbo rẹ̀ láti ẹ̀yìn wá. Ẹni tó bá ki orin kan bọ̀ ọ́ láàárín ní láti yí gbogbo ìṣirò tó tẹ̀ lé e padà, ojú yóò sì rí i. Ọmọ ọmọ ìran akọ̀wé àti oníṣòwò ló ṣe iṣẹ́ yìí, ó sì hàn. Orin àwọn tí kì í ṣe Síìkì wà níbẹ̀ pẹ̀lú: Kábírì ahunṣọ, Ráfídáàsì oníṣẹ́ awọ, àti Fárídì tó jẹ́ Mùsùlùmí. Wọ́n gbé ìwé náà sínú Hárímándírì, ilé ìjọsìn ẹlẹ́nu ọ̀nà mẹ́rin tí Ájánì kọ́ sáàárín adágún.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ọba Jàhángírì ní kí wọ́n mú un. Ọmọ ọba kan ṣọ̀tẹ̀ sí bàbá rẹ̀, wọ́n sì fẹ̀sùn kan Ájánì pé ó súre fún un. Láhórì ni wọ́n pa á sí ní 1606. Ọmọ rẹ̀, Hágóbíńdì, kò ju ọmọ ọdún mọ́kànlá lọ, ó sì so idà méjì mọ́dìí: ọ̀kan fún ọ̀ràn ẹ̀mí, èkejì fún ọ̀ràn ayé. Ó ní kí àwọn Síìkì máa mú ẹṣin àti ohun ìjà wá pẹ̀lú ọrẹ wọn. Ó mọ pèpéle gíga kan sí iwájú Hárímándírì, níbi tó ti ń dá ẹjọ́, èyí tó di Àkálì Tákítì. Nígbà tí ogun pẹ̀lú àwọn Mọ́gúlù gbóná, ó kó lọ sí ẹsẹ̀ òkè, kò sì padà. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ ilé Pírítì Ṣáńdì fi gba Ámírítísárì, tí wọ́n sì dì í mú fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ọ̀rọ̀ wá ń dojú rú díẹ̀díẹ̀. Ọmọ ọmọ Hágóbíńdì kan, Dírì Málì, mú ìwé tí Báì Gúrúdáàsì fọwọ́ kọ, kò fún ẹnikẹ́ni mọ́. Rámù Ráì, ọmọ Gúrù keje, yí ọ̀rọ̀ kan padà nínú orin Nánákì níwájú ọba Aúráńgísébù kí inú ọba lè dùn. Bàbá rẹ̀ lé e, ó sì gbé oyè fún àbúrò rẹ̀, ọmọ ọdún márùn-ún. Ṣànpọ̀nná pa ọmọ náà ní Délì ní 1664. Kó tó kú, ó ní ẹni tó kàn wà ní Bàkálà, kò dárúkọ. Ẹni 22, gẹ́gẹ́ bí àwọn Síìkì ṣe ń sọ ọ́, ló sáré tẹ́ ẹní sí Bàkálà pé àwọn ni Gúrù, àwọn másáńdì sì ń polówó ẹni tí wọ́n bá fẹ́. Tẹ́gì Bàhádúrì, tó jẹ́ ọmọ Hágóbíńdì, tó ń gbé jẹ́ẹ́jẹ́ níbẹ̀, ni ìjọ gbà níkẹyìn. Nígbà tó lọ sí Ámírítísárì, ńṣe ni àwọn tó wà níbẹ̀ ti ilẹ̀kùn Hárímándírì mọ́ ọn. Gúrù kẹsàn-án rèé, tí kò lè wọ ilé tí bàbá bàbá rẹ̀ kọ́! Ó lọ dá Ànáńdípúrì sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ òkè. Aúráńgísébù bẹ́ ẹ lórí ní Délì ní 1675.

Ọmọ rẹ̀, Góbíńdì, wá ń wo ohun tí wọ́n jogún bá a: ìlú mímọ́ wà lọ́wọ́ ìbátan, ìwé wà lọ́wọ́ ìbátan, owó sì wà lọ́wọ́ másáńdì. Ipò másáńdì ti di ohun tí bàbá ń fi sílẹ̀ fún ọmọ. Púpọ̀ nínú wọn ń jẹ nínú ọrẹ, àwọn mìíràn ń yáni lówó èlé. Àwọn lẹ́tà tí Góbíńdì kọ sí àwọn ìjọ ọ̀nà jíjìn ṣì wà. Ọ̀rọ̀ wọn kò lọ́jú pọ̀: ẹ má fún másáńdì ní nǹkan kan mọ́, ẹ mú un wá fúnra yín bí ẹ bá ń bọ̀, ẹ sì di ìhámọ́ra wá.

Ọjọ́ ọdún Bàísákì, 1699, ní Ànáńdípúrì, ni ó fi ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé ó yọ idà níwájú èrò, ó ní òun ń fẹ́ orí. Ẹnì kan dìde, ó mú un wọ àgọ́, ó jáde pẹ̀lú idà ẹlẹ́jẹ̀, ó tún bèèrè. Èèyàn márùn-ún ló dìde bẹ́ẹ̀, gbogbo wọn sì jáde láàyè: oníṣòwò láti Láhórì, àgbẹ̀, apọnmi, aránṣọ àti agẹrun. Ó fi idà olójú méjì ro omi onísúgà nínú abọ́ irin, ó fi fún wọn mu láti inú abọ́ kan náà, ó sì fi Síńgì kún orúkọ wọn. Lẹ́yìn náà ló kúnlẹ̀ níwájú wọn, ó ní kí wọ́n fún òun náà mu.

Ìkúnlẹ̀ yìí ni mo rò pé ó tóbi jù nínú gbogbo ohun tí Gúrù kankan ṣe láti ìgbà Nánákì. Láti ọjọ́ náà, èèyàn márùn-ún tó ti mu nínú omi yìí lè gba ẹnikẹ́ni wọ inú ẹgbẹ́ tí wọ́n pè ní Kálísà, níbikíbi, láìsí másáńdì, láìsí ọmọ Gúrù, àní láìsí Gúrù níbẹ̀. Lára òfin tí wọ́n sì gbé lé ọmọ ẹgbẹ́ ni pé kò gbọ́dọ̀ bá àwọn èèyàn Pírítì Ṣáńdì, ti Dírì Málì, ti Rámù Ráì àti àwọn másáńdì da nǹkan pọ̀. Gbogbo ìjà ìdílé tí a ti ń bá bọ̀ ló wà nínú òfin kan yẹn.

Ọmọkùnrin mẹ́rin ni Góbíńdì Síńgì bí. Ogun àti ọwọ́ àwọn Mọ́gúlù pa wọ́n tán ṣáájú rẹ̀. Ní 1708, tó ń kú lọ ní Nándédì, gúúsù Íńdíà, ó ní kò sí Gúrù ẹlẹ́ran ara mọ́. Ìwé náà ni Gúrù. Ẹ̀dà tí wọ́n ń lò ni èyí tí ó ti fi orin bàbá rẹ̀, Tẹ́gì Bàhádúrì, kún. Ẹ̀dà tí wọ́n ń tẹ̀ lónìí ní ojú ìwé 1,430, ìlà kan náà sì máa ń bọ́ sójú ìwé kan náà, ì báà jẹ́ ní Ámírítísárì tàbí ní Sáútọ́ọ̀lù ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ìwé lè jẹ Gúrù, àmọ́ ìwé kò lè mú kọ́kọ́rọ́ ilé lọ́wọ́. Ta ni yóò máa ṣọ́ ilé ìjọsìn, ta ni yóò máa ka owó? Bí àkókò ti ń lọ, àwọn alábòójútó tún sọ ilé ìjọsìn di ogún bàbá wọn, pẹ̀lú ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀. Lọ́dún 1921, alábòójútó ilé ìjọsìn Nankánà, ìlú tí wọ́n ti bí Nánákì, ní kí wọ́n pa àwọn Síìkì tó wá gba ibẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn sì kú lọ́jọ́ náà. Ìyẹn wà lára ohun tó fa òfin ọdún 1925, tó gbé àwọn ilé ìjọsìn ńláńlá Púńjábù fún ìgbìmọ̀ tí àwọn Síìkì ń dìbò yàn, tọkùnrin tobìnrin.